Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé kì í gba atúmọ̀ sílẹ̀

Láàárín àwa tí à ń tú ìwé láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn ọ̀gá máa ń fún ọmọ iṣẹ́. Wọ́n á ní bí gbólóhùn bá ní ìtumọ̀ méjì, mú ọ̀kan, kí o sì kọ èkejì sí ìsàlẹ̀ ìwé. Má lọ bi oníbàárà, kó má baà rò pé o ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi náà fi gba èyí gbọ́. Ohun tó jẹ́ kí n jáwọ́ ńbẹ̀ ni nọ́ńbà kan: 21.

Ìwé ìléwọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń tú. Gẹ̀ẹ́sì ní kí aláìsàn máa wá fún àyẹ̀wò ní "báìwíkìlì" ní oṣù àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú ni ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò ó fún ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n sì tún ń lò ó fún ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé atúmọ̀ èdè wọn sì gba méjèèjì wọlé. Mo kọ "ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 2", mo gbé nọ́ńbà 1 kékeré lé e lórí, mo sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ó tún lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí ìwé náà padà dé ọwọ́ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti tò ó fún ìtẹ̀wé, ẹni tó tò ó ti yọ àlàyé mi kúrò torí kò sí àyè, nọ́ńbà kékeré náà sì ti sọ̀ kalẹ̀ wá dúró ti èyí tó wà lórí ìlà. Aláìsàn yóò máa wá "ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 21". Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì dé: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. Èyí tí mo mú pàápàá kọ́ ló tọ̀nà.

Ẹ̀bi ẹni tó tò ó kọ́. Ibi tí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé kò ti ní ẹni tó máa kà á ni mo gbé e sí. Ẹ lọ jókòó ní ilé ìwòsàn láàárọ̀, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lo ìwé ìléwọ́. Nọ́ọ̀sì ni yóò mú un dání, tí yóò máa kà á sókè fún àwọn ìyá tó jókòó lórí bẹ́ńṣì. Kò sí nọ́ọ̀sì tó máa dúró láàárín gbólóhùn, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ ka ìsàlẹ̀ ìwé, kó tún gòkè padà. Bó bá tiẹ̀ kà á, kí ni ìyá náà fẹ́ fi ṣe? Ohun tí àlàyé náà ń sọ fún un ni pé: èmi atúmọ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kí o wá, ìwọ fúnra rẹ yàn. A wá gbé ìpinnu fún ẹni tí kò ní ọ̀nà kankan láti mọ̀, nígbà tí ẹni tó mọ̀ wà nídìí ímeèlì rẹ̀.

Ti fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí fún ìwádìí ìṣègùn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tó ń kópa nínú ìwádìí ló ń yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àlàyé tí atúmọ̀ bá fi kún un jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ kò rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á tún fún atúmọ̀ mìíràn ní Yorùbá náà kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra. Àlàyé rẹ yóò yọ síta níbẹ̀, wọ́n á sì dá gbogbo iṣẹ́ padà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo pọ́nna ló yẹ ká torí rẹ̀ kọ̀wé sí oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn kan hàn yín tó ní pọ́nna méjì nínú, tí mo bèèrè ọ̀kan tí mi ò sì bèèrè èkejì.

Ìwé náà wà fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, lórí bí wọ́n ṣe ń fi mùdùnmúdùn inú eegun ẹlòmíì wo àìsàn náà. Gẹ̀ẹ́sì ní bí ọmọ yín bá ní "brọ́dà tàbí sísítà", a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá wọ́n lè fún un ní mùdùnmúdùn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Yorùbá bi mí ni: ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? Gẹ̀ẹ́sì kò sọ. (Àwa tí a yá ọ̀rọ̀ náà lò, a ti yàn tiwa: bọ̀ọ̀dá kò lè jẹ́ àbúrò ẹnikẹ́ni.) Èyí kò gba ìbéèrè, kò sì gba àlàyé. Ẹni tó ṣáájú ẹnì kejì kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú bóyá mùdùnmúdùn wọn bá ara mu, nítorí náà mo kọ "ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò", ó sì parí. Irú èyí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń kó mẹ́wàá jọ ránṣẹ́ sí oníbàárà, tí yóò fi máa ṣe kàyéfì bóyá wọ́n mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ìbéèrè kejì ló ní egungun nínú. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ta ni? Nínú ilé tí bàbá ti fẹ́ ìyàwó méjì, ọbàkan ọmọ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá tó bá gbọ́ "ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò" lè kó gbogbo wọn wá láti Ọ̀wọ̀ dé Ìbàdàn. Ohun tí mo sì mọ̀ nípa mùdùnmúdùn ni pé àwọn àmì kan lára ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara mu, ìdajì ni ọmọ sì ń gbà lọ́dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọmọ bàbá kan ìyá kan, ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ṣeé ṣe kó bá aláìsàn mu pátápátá. Ti ọbàkan ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, ìyàtọ̀ yìí lè ná ìdílé kan lówó ọkọ̀, owó àyẹ̀wò àti ìrètí. Mo lè méfò pé ọmọ bàbá kan ìyá kan ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn mìíràn máa ń lo òbí tàbí ẹbí tó bá ìdajì mu. Ìwé náà kò sọ èwo ni tiwọn. Dókítà tó kọ ọ́ nìkan ló lè sọ.

Ọ̀nà tí a gbà béèrè ló ń sọ bóyá a mọṣẹ́. Bí mo bá kọ "Kí ni brọ́dà túmọ̀ sí níbí?", wọ́n á rẹ́rìn-ín, ìbẹ̀rù àwọn ọ̀gá wa á sì tọ̀nà. Ohun tí mo kọ rèé, mo kàn tú u sí Yorùbá fún yín:

"Ojú ìwé 3, ìlà 7. Yorùbá máa ń ya ọmọ bàbá kan ìyá kan sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan, Gẹ̀ẹ́sì yín sì gba méjèèjì. Ṣé (A) ọmọ bàbá kan ìyá kan nìkan lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, àbí (B) ọbàkan àti iyèkan náà? Bí mo bá kọ èyí tó gba gbogbo wọn, àwọn ìdílé yóò kó ẹbí tó pọ̀ wá. A ni mo lò fún ìgbà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, kí ẹ sì fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ìwé náà."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì bí ó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ ìtumọ̀ ló gbé iṣẹ́ fún ọ. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ níbẹ̀ lè fẹ́ dáhùn fúnra rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yá, òun náà yóò sì méfò bíi tìẹ. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo ní lórí ìwé náà, mo kó gbogbo wọn sínú ìwé kan, mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, èsì dé: A ni. Mo kọ "ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí òun àti ọmọ yín jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà àti ìyá kan náà". Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì lè kà á tán láìdúró. Mi ò kọ "ọmọ ìyá rẹ̀", torí ọmọ ìyá lè ní bàbá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mi ò ní fi pọ́nna wo pọ́nna sàn.

Tí wọn ò bá dáhùn ńkọ́? Mo máa ń lo èyí tí mo sọ pé mo lò, màá sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi ń dá iṣẹ́ padà. Lẹ́tà yẹn, oníbàárà ló ń kà á, kì í dé ọwọ́ aláìsàn. Ìwọ̀n oògùn àti ìgbà tí wọ́n máa lò ó nìkan ni mi ò ní mú ọ̀kan nínú rẹ̀ láìgbọ́ èsì. Màá fi àyè náà sílẹ̀ lófo, màá kùn ún ní àwọ̀ yẹ́lò, kí wọ́n má baà lè tẹ̀ ẹ́ jáde láìfọwọ́ kàn án.

Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ní ààyè tirẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 10:21, Hébérù pe Ṣémù ní arákùnrin Jáfẹ́tì, ó wá fi ọ̀rọ̀ "àgbà" tì í, láìjẹ́ kó hàn kedere èwo nínú wọn ló dàgbà jù. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ṣe mú un, àwọn kan sì kọ ìtumọ̀ kejì sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Wọ́n ṣe é re, torí ẹni tó kọ ọ́ kò sí mọ́ láti dáhùn, àwọn tó ń kà á sì ń fi ara balẹ̀ kà á.

Ibòmíràn ni ìwé tó ń lọ sí kọ́ọ̀tù. Lọ́yà kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé lẹ́tà Yorùbá wá kí n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹjọ́ ìwé ìgbélùú. Nínú rẹ̀, "ẹ̀gbọ́n mi" ló san owó kan, "ó" sì ṣe oríṣiríṣi nǹkan jálẹ̀ ojú ìwé méjì. Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ọmọ ìyá ni àbí ẹbí lásán? Lẹ́tà kò sọ, Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ kí n yàn ní gbogbo ìlà. Mo kọ àlàyé pé ọ̀rọ̀ Yorùbá náà kò fi akọ tàbí abo hàn, pé ó sì lè jẹ́ ẹbí tó dàgbà ju ẹni tó kọ̀wé lọ. Lọ́yà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkùnrin ni, kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n yọ àlàyé. Mo sọ fún un pé ohun tí òun mọ̀ kò sí nínú lẹ́tà, lẹ́tà ni kọ́ọ̀tù sì fẹ́ kà. Kí ẹni tó kọ ọ́ sọ ọ́ nínú ìwé ìjẹ́rìí tirẹ̀. Ó rojú díẹ̀, ó gbà. Àlàyé náà wà níbẹ̀ títí ìwé fi wọ kọ́ọ̀tù.