Kí òdo kéré kò túmọ̀ sí pé géètì yóò kéré

Wọ́n tún ti ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ́ nípa sákíìtì: "Wo tábìlì rẹ. Bí iye òdo bá kéré ju iye 1 lọ, ìlọ́po àròpọ̀ ni kó o lò, òun ni géètì rẹ̀ máa kéré." Wọ́n á sọ ọ́ bí òfin, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ní ṣírò apá kejì mọ́ láé. Kì í ṣe òfin rárá. Iye òdo nìkan kò lè sọ èyí tó máa wọ́n fún ọ.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dà rú: nínú àròpọ̀ ìlọ́po, àwọn géètì AND ló ṣíwájú, OR kan sì kó gbogbo wọn jọ lẹ́yìn. Nínú ìlọ́po àròpọ̀, OR ló ṣíwájú, AND kan ló kẹ́yìn. Ohun tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni fọ́ọ̀mù kíkún, níbi tí òdo kọ̀ọ̀kan ti di àròpọ̀ kan, tí 1 kọ̀ọ̀kan sì di ìlọ́po kan. Níbẹ̀ lóòótọ́, òdo méjì máa ń borí 1 mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń kan sákíìtì látinú fọ́ọ̀mù kíkún? A máa ń dín in kù lórí máàpù Karnaugh kí a tó fọwọ́ kan wáyà, ìgbà tí a bá sì ti dín in kù tán, iye òdo tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kò ní àṣẹ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a lo iná onílà méje tó ń fi nọ́ńbà hàn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti sábà máa ń pàdé iṣẹ́ tí òdo rẹ̀ kéré. Nọ́ńbà 0 sí 9 ń wọlé lórí wáyà mẹ́rin: A dúró fún 8, B fún 4, C fún 2, D fún 1. Nọ́ńbà 10 sí 15 kì í wọlé, nítorí náà a lè kà wọ́n sí 0 tàbí 1, bó bá ṣe wù wá. Àmì ' túmọ̀ sí NOT. 6 tiwa ní ìlà òkè, 9 sì ní ìlà ìsàlẹ̀.

Ìlà b ni ìlà ọwọ́ ọ̀tún lókè. Gbogbo nọ́ńbà ló ń tàn án, àyàfi 5 àti 6. Òdo méjì péré, 1 mẹ́jọ. Bí òfin yẹn bá jẹ́ òtítọ́, ibí ló yẹ kó ti hàn jù.

```
b = (B' + C + D')(B' + C' + D)
b = B' + C'D' + CD
```

Ìlà kìíní ni ìlọ́po àròpọ̀: OR oníwọlé mẹ́ta méjì, àti AND oníwọlé méjì kan. Géètì mẹ́ta, ìwọlé mẹ́jọ. Ìlà kejì ni àròpọ̀ ìlọ́po: AND oníwọlé méjì méjì, àti OR oníwọlé mẹ́ta kan. Géètì mẹ́ta, ìwọlé méje. Òdo méjì sí 1 mẹ́jọ, síbẹ̀ ìlọ́po àròpọ̀ ló wọ́n jù.

Ìyàtọ̀ náà tún ń pọ̀ sí i tí a bá fẹ́ kan án pẹ̀lú ṣíìpù. Àròpọ̀ ìlọ́po máa ń di NAND lẹ́yìn NAND, ìlọ́po àròpọ̀ sì máa ń di NOR lẹ́yìn NOR. Ẹ ṣọ́ra níbi NAND: lẹ́tà tó bá dá dúró, bíi B' yìí, máa ń yí padà bó bá ṣe ń wọ NAND ìkẹyìn tààrà. Nítorí náà B fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn, kì í ṣe B'. Ibí ni àṣìṣe ti ń wọlé: wọ́n á fi NOT síbẹ̀, wọ́n á tún máa ṣe kàyéfì pé ìlà b kú nígbà tí nọ́ńbà 1 tàbí 2 wọlé. Ní 0, C'D' ń tàn án, ṣùgbọ́n ní 1 àti 2 kò sí ohun mìíràn tó gbé e ró ju B' lọ, iná á sì kú níbẹ̀. Bí wọ́n bá so ó dáadáa, NOT méjì péré ló kù, ti C àti ti D. Lọ́wọ́ NOR, B', C' àti D' gbọ́dọ̀ wà, NOT mẹ́ta nìyẹn. Nínú CMOS, géètì NAND tàbí NOR ń gba tírànsístọ̀ méjì fún ìwọlé kọ̀ọ̀kan, NOT ń gba méjì. Ọ̀nà NAND jẹ́ 18 lápapọ̀, ọ̀nà NOR jẹ́ 22.

Ìlà c ńkọ́? Nọ́ńbà 2 nìkan ló ń pa á. Òdo kan ṣoṣo! Tí a bá so ó pọ̀ mọ́ 10, ohun tó kù ni:

```
c = B + C' + D
```

Ó jẹ́ àròpọ̀ ìlọ́po, ó sì tún jẹ́ ìlọ́po àròpọ̀. OR kan ni. Nígbàkigbà tí gbogbo òdo bá bọ́ sínú àpótí kan ṣoṣo lórí máàpù, ọ̀nà méjèèjì ń di ọ̀kan náà, kò sì sí ohun tí a fẹ́ yàn.

Ìlà d, ti ìsàlẹ̀, ni ìlọ́po àròpọ̀ ti borí. 1, 4 àti 7 ló ń pa á, òdo mẹ́ta, ó pọ̀ ju ti b lọ.

```
d = (A + B + C + D')(B' + C + D)(B' + C' + D')
d = A + B'D' + CD' + B'C + BC'D
```

Géètì mẹ́rin àti ìwọlé 13 fún ti òkè, géètì márùn-ún àti ìwọlé 14 fún ti ìsàlẹ̀. Ohun tó fa èyí ni bí àwọn 1 ṣe fọ́n ká: òdo mẹ́ta náà jìnnà síra wọn, wọ́n sì gé àwọn 1 sí wẹ́wẹ́ débi pé a nílò ìlọ́po márùn-ún láti bò wọ́n. Ní ti b, òdo méjì náà wà pa pọ̀ ní apá B, gbogbo apá tí B jẹ́ 0 sì kù bí àpótí ńlá kan tí lẹ́tà kan ṣoṣo lè bò. Ibi tí òdo wà ni kẹ́ ẹ máa wò.

Mo gbà pé iye òdo ń fi òpin kan lélẹ̀: àròpọ̀ inú ìlọ́po àròpọ̀ kò ní ju iye òdo lọ láé. Bí wáyà bá pọ̀ tí òdo sì jẹ́ méjì, ó dára kẹ́ ẹ gbìyànjú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ìkejì pẹ̀lú, nítorí b ti fi hàn pé òpin náà kò tó láti fi ṣe ìdájọ́.

Ohun kan kù tó máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ń fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn. Ìlà a, ti òkè, ń kú ní 1 àti 4:

```
a = A + C + BD + B'D'
a = (A + B + C + D')(B' + C + D)
```

Àròpọ̀ ìlọ́po tún borí níbí, ìwọlé mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ẹ fi 12 wọlé: ti òkè á fún yín ní 1, ti ìsàlẹ̀ ní 0. Kò sí ẹni tó ṣìṣe. 12 wà lára àwọn nọ́ńbà tí kì í wọlé, ọ̀nà kan kà á sí 1 kí àpótí rẹ̀ lè tóbi, èkejì kà á sí 0 fún ìdí kan náà. Láti 0 dé 9 ni kẹ́ ẹ ti dán wọn wò.

Ní ti b, kẹ́ ẹ tó mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ wò ó dáadáa: `b = (B(C XOR D))'`. XOR kan, NAND kan, ó parí.