Iye ìkọlù nìkan kọ́ ló ń mú ìyípadà kẹ́míkà yára

“Bí nǹkan bá ti gbóná, àwọn mólékù a máa kọlu ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìyípadà kẹ́míkà fi ń yára. Tíọ́rì ìkọlù ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Òótọ́ ni pé ìkọlù ń pọ̀ sí i, àmọ́ ìbísí náà kéré jọjọ. Ẹ wo gáàsì háídírójìn áyódáìdì, HI, tó ń tú ká, tí a gbé ìgbóná rẹ̀ láti 700 K sí 710 K. Iye ìkọlù ń tẹ̀ lé √T, T ni ìgbóná ní kẹ́lífìn. Ẹ ṣírò √(710/700), 1.007 ni ẹ ó rí, ìyẹn kò tó 1%. Bẹ́ẹ̀, ìtúká náà fi ohun tó ju 50% lọ yára sí i.

Ìpín àwọn ìkọlù tí agbára wọn tó láti borí ìdènà agbára, Ea, tó jẹ́ nǹkan bí 184 kJ/mol, ló pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi exp(−Ea/RT) ṣírò rẹ̀ ní ìgbóná méjèèjì, R ni iye àìyípadà ti gáàsì, kí ẹ sì pín èkejì fún èkíní. Inú tíọ́rì ìkọlù gan-an ni ìpín yìí wà, nítorí náà kò yẹ kí a di ẹ̀bi àṣìṣe yẹn rù ú.

Tíọ́rì ipò ìrékọjá, tí Eyring gbé jáde ní 1935, tí Evans àti Polanyi náà sì gbé jáde lọ́dún yẹn kan náà, kì í ka ìkọlù rárá. Iye mólékù tó wà ní góńgó ìdènà ló ń ṣírò, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń yára kọjá, k_BT/h, tí òun náà kò lé ju nǹkan bí 1.4% lọ níbí; k_B àti h jẹ́ iye àìyípadà ti Boltzmann àti ti Planck.

Lórí ọ̀rọ̀ ìgbóná, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀kan. Bí mólékù ṣe kọjú síra wọn ni wọ́n ti yapa: tíọ́rì ìkọlù ń fi P, ìpín ìkọlù tí mólékù ti kọjú síra wọn bó ṣe yẹ, kún ìṣirò rẹ̀, èyí tí a sábà máa ń fà yọ láti inú àyẹ̀wò, nígbà tí tíọ́rì kejì ń fi ΔS‡, ìyípadà ẹ́ńtírópì bí mólékù ṣe ń dé góńgó ìdènà, ṣàlàyé rẹ̀.