Sánsìkírìn tí ẹ ń fi sábẹ́ mékọ́ọ̀pù ti kéré jù

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọkàn mi lónìí o. Mékọ́ọ̀pù ni mo ń ṣe jẹun ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ojú àwọn èèyàn ni mò ń wò láàárọ̀ ṣúlẹ̀, ohun tí mo sì ń rí ni pé sánsìkírìn tí ọ̀pọ̀ wa ń fi sójú kó tó kan faundéṣàn ò tó rárá. Kì í ṣe pé wọn ò ra èyí tó dáa, SPF 50, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń dí oòrùn tó, ló wà lára ẹ̀, owó gidi ni wọ́n san, àmọ́ wọ́n á fún un síta bíńtín bí ẹyọ ẹ̀wà kan, wọ́n á fi ra iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, ó ti parí nìyẹn. Tó bá wá yá, wọ́n á ní sánsìkírìn ò ṣiṣẹ́ fáwọn.

Nọ́ńbà 50 tẹ́ ẹ rí lára ike yẹn, ìwọ̀n kan wà tí wọ́n fi wá a. Mìlígíráàmù 2 ni wọ́n máa ń fi sórí gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóròó kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́ ẹ bá lo ìdajì ìyẹn, ẹ ò ní rí 50 gbà, ó máa já wálẹ̀ gan-an ni. A ò lè gbé òṣùwọ̀n síwájú dígí, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ní ká lo ìka méjì: ẹ na ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, ẹ fún sánsìkírìn sórí wọn láti ìdí ìka títí dé orí ẹ̀. Ti ojú, etí àti ọrùn nìyẹn o. Tí aṣọ ẹ bá ṣí láyà, tẹ̀yìn ọrùn sì wà níta, ẹ fún òmíì síbẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá tiyín tó, ẹ wo ike yẹn fúnra ẹ̀. Ìka méjì yẹn máa ń súnmọ́ gíráàmù kan tàbí kó lé díẹ̀, torí náà ike gíráàmù 50 ò yẹ kó pẹ́ ju bí oṣù kan ààbọ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi sójú lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Tí tiyín bá ti ń lọ sí oṣù mẹ́fà tó ṣì ń jáde, a jẹ́ pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó yẹ lẹ ń lò. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀ ń dunni, ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ó dáa ká máa ra èyí tó wọ́n ká wá máa ṣún un lò, ẹ ra èyí tí apá yín ká tẹ́ ẹ lè lò dáadáa.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé tó bá pọ̀, mékọ́ọ̀pù ò ní jókòó. Ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ máa rí i tó ń ká jọ wínníwínní lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì bí ìdọ̀tí ara tá a fọwọ́ pa. Kì í sábà jẹ́ pé ó pọ̀ jù o, ìkánjú ni, kò tíì gbẹ tí wọ́n ti gbé páráímà lé e, tàbí kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì wọ́ ọ síwá sẹ́yìn. Ṣe ni kẹ́ ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ìka kan ra ojú àti ọrùn, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ wá fi ìka kejì lé e. Kíríìmù ojú ló máa ń kọ́kọ́ lọ, fífúyẹ́, ẹni tójú ẹ̀ bá ń yọ òróró lè má fi sí i pàápàá. Lẹ́yìn sánsìkírìn, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15, ẹ lè máa we gèlè tàbí kẹ́ ẹ ṣe bùráù nígbà yẹn, kẹ́ ẹ tó gbé páráímà àti faundéṣàn wá. Bùlẹ́ńdà tútù, fóòmù kékeré tá a fi ń ṣe mékọ́ọ̀pù yẹn, ni mo fẹ́ràn, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́jú, ẹ má wọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po sánsìkírìn mọ́ faundéṣàn lórí àtẹ́lẹwọ́, méjèèjì lẹ ń bà jẹ́. Faundéṣàn tó ní SPF fúnra ẹ̀ náà ò lè rọ́pò ẹ̀, torí ta ló máa kun faundéṣàn ìka méjì?

Ẹ jẹ́ ká mú àbúrò ìyàwó kan níbi ìnáwó kan ní apá Tákìé. Òun ló ń pàdé àlejò, kò lè jókòó sábẹ́ kánópì. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ la ṣe ojú ẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ ẹ̀ rí i pé ó ti pọ̀ jù?” Mo ní kó fara balẹ̀, kó jẹ́ ó gbẹ. Ìdána bẹ̀rẹ̀ lágogo mẹ́wàá, oòrùn ti ń mú. Wákàtí méjì méjì ni a máa ń tún un fi tá a bá wà níta, tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti làágùn, ẹ ti fi áńkáṣíìfù nu ojú, ẹ má dúró de wákàtí méjì, ohun tẹ́ ẹ nù yẹn ti bá áńkáṣíìfù lọ. Torí náà, kí ó tó bọ́ síta fún ìdána, a tún un ṣe, nígbà tó ku díẹ̀ kó di aago méjìlá tí wọ́n fẹ́ lọ ya fọ́tò níta, a tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bá a ṣe ń ṣe é lórí mékọ́ọ̀pù nìyí. Tíṣù lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́jú kó fa òógùn àti òróró, ẹ má nu. Ẹ fún sánsìkírìn tó ṣàn, èyí tó ní àwọ̀ bíi tara yín ló dáa jù, sẹ́yìn ọwọ́, bí ìka kan, ẹ fi bùlẹ́ńdà tó mọ́ máa mú un díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí iwájú orí, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, òkè ètè, ibi tí oòrùn ti ń bá wa jà gan-an. Tó bá gbẹ, páúdà díẹ̀ lé e. Mi ò ní tàn yín, kò lè tó ti àárọ̀, torí náà ẹ di agbòòrùn mú, ẹ sá sí ibòji nígbà tó bá ṣeé ṣe. Páúdà tó ní SPF lè ṣèrànwọ́, kò tó nìkan. Èyí tí wọ́n ń fọ́n, èmi ò kí ń fọ́n ọn sójú ẹnikẹ́ni, imú àti ọ̀fun ló ń wọ̀.

Nípa àwọ̀ tí mo sọ yẹn, àwa tá a dúdú, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ bó wa, àmọ́ àwọn dúdú pátẹ́pátẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní sọ́nbọ́ọ̀nù, ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí lásán náà wà lára ohun tó ń dá a sílẹ̀, sánsìkírìn funfun lásán kì í dí ìyẹn dáadáa. Èyí tó ní àwọ̀ ní ohun kan tá à ń rí lára irin tó dípẹtà, òun ló ń dí i. Ó tún ń gbà wá lọ́wọ́ ojú tó máa ń funfun bí ẹfun tí kámẹ́rà bá tan iná. Ẹ máa fi fóònù tó tan iná ya ara yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ máa rí i.

Ẹ má sì fi ike yẹn sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn. Tẹ́ ẹ bá fún un tí omi ń jáde lọ́tọ̀, òróró lọ́tọ̀, tàbí tó ń yọ kókó, ẹ jù ú nù.