Ṣé Ọkọ̀ Ẹrú Nìkan Ló Gbé Òrìṣà Dé Bàhíà?

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín wa tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Òun ni pé àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì gbé ẹ̀sìn òrìṣà lọ́kàn, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní Bàhíà, òkun sì pa dé lẹ́yìn wọn, tí àwọn ọmọ wọn fi ń ṣe é láti ìgbà náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe bá a, láìsí pé ẹnikẹ́ni láti ilé tún mú ohunkóhun wá bá wọn. Ìtàn yìí dùn létí, ó sì ń bu ọlá fún àwọn tí wọ́n jìyà. Ó máa ń farahàn nínú àṣamọ̀ bébà tí a ń fi ránṣẹ́ sí àpérò lórí ẹ̀sìn àti ìṣíkiri: ìlà àkọ́kọ́ á sọ pé ẹ̀sìn náà kò yí padà, gbogbo iṣẹ́ tó kù á wá di wíwá ìjọra láàárín Ọ̀yọ́ àti Salvador tí í ṣe olú ìlú Bàhíà, ìjọra kọ̀ọ̀kan á sì di ẹ̀rí pé ohun tí a rí ti wà níbẹ̀ láti ayé ẹrú.

Àṣamọ̀ tí èmi kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kúrú. Ohun tí ó sọ nìyí:

"Bébà yìí tako èrò pé ẹ̀sìn òrìṣà ní Bàhíà jẹ́ ohun tí ọkọ̀ ẹrú gbé dé tí kò sì tún bá ilé pàdé mọ́. Ó yẹ ìrìnàjò àlọ àti àbọ̀ àwọn olómìnira láàárín Bàhíà àti Èkó wò, láti ẹ̀yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé ní 1835 títí di àárín àwọn ọdún 1930. Àpẹẹrẹ rẹ̀ pàtàkì ni ìgbìmọ̀ àwọn Ọba Ṣàngó méjìlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, ilé òrìṣà kan ní Salvador. Bébà náà fi hàn pé díẹ̀ nínú ohun tí a ń kà sí ogún ayé ẹrú jẹ́ ohun tí àwọn arìnrìnàjò olómìnira kó wá láti Èkó, tí wọ́n sì tún tò fún ìlò ibi tí wọ́n wà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Ní òru ọjọ́ kẹrìnlélógún mọ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Màlé, tí Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá Bàhíà, pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun ní ìgboro Salvador. Wọ́n ṣẹ́gun wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ tán. Ìjọba Bàhíà wá kọjú ìjà sí gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira, yálà ó jẹ́ Màlé tàbí kò jẹ́ ọ̀kan: wọ́n lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú, wọ́n gbé owó orí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá réìsì lọ́dún lé àwọn tó kù lórí, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti ra ilé tàbí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi wọkọ̀ padà sí etíkun Áfíríkà, sí Wídà, sí Àgọ́ọ̀é àti sí Èkó. Ohun tí a sábà máa ń gbàgbé ni pé àwọn kan tún padà wá sí Bàhíà, àti pé àwọn tí kò padà wá kò já okùn ẹbí àti òwò tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ibẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni Ìyá Nàsó, ẹni tí ilé òrìṣà Casa Branca ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ni Francisca da Silva. Wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan àwọn ọmọ rẹ̀, nígbà tó sì di 1837, òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ará ilé wọn gba ìwé ìrìnnà, wọ́n lọ sí Áfíríkà. Marcelina da Silva, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rẹ̀ rí, wà lára àwọn tó bá a lọ. (Ó yẹ kí a sọ èyí jáde: àwọn olómìnira kan ní Bàhíà ra ẹrú fúnra wọn, ẹni tó bá ń kọ̀wé lórí wọn kò gbọdọ̀ fi bò.) Marcelina padà dé Bàhíà ní 1839, òun ló sì wá di olórí ilé òrìṣà náà. Ìtàn ẹnu ilé náà kò gbàgbé ìrìnàjò yìí, àmọ́ ọdún méje ló pè é. Nítorí náà, láti ìpìlẹ̀ ilé tí a ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ilé Nàgó ni ìrìnàjò sókè òkun ti wà nínú ìtàn rẹ̀, tí àwọn ará ilé fúnra wọn sì ń fi yangàn.

Ẹni tó ṣe pàtàkì jù sí ọ̀rọ̀ mi ni Martiniano Eliseu do Bonfim. Wọ́n bí i ní Salvador ní 1859, ọmọ àwọn ará Áfíríkà tó ti gba òmìnira ni. Ní 1875, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Èkó, kò sì padà sí Bàhíà títí di 1886. Fún ọdún mọ́kànlá yẹn, ó lọ sí ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ ìlú, ó sì kọ́ Ifá. Nígbà tó padà délé, ó ń kọ́ àwọn èèyàn dúdú tó rí jájẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń dífá, ó sì di ẹni tí dókítà Nina Rodrigues ń bi léèrè nígbà tí dókítà náà ń kọ̀wé lórí ẹ̀sìn àwọn Nàgó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: lára ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń mọ ẹ̀sìn àwọn ẹrú Bàhíà ni ìwé Nina Rodrigues wà, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó sì ń túmọ̀ nǹkan fún un jẹ́ olómìnira tó kọ́ ohun tó mọ̀ ní Èkó, nígbà tí àwọn gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣàkóso níbẹ̀.

Èkó tí ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kì í ṣe ìlú tí àwọn ẹrú fi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà. Àwọn Sàró tó padà láti Sìràlíónù àti àwọn Àgùdà tó padà láti Bùràsíìlì ti dé ibẹ̀, ìwé ìròyìn ń jáde, ọ̀rọ̀ pé ta ni à ń pè ní Yorùbá, pé kí ni ìtàn Ọ̀yọ́, sì ń di ohun tí àwọn tó mọ̀wé ń jíròrò. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn òyìnbó túbọ̀ ń ti àwọn ọmọ Áfíríkà sẹ́yìn nínú ìjọ àti nínú iṣẹ́ ìjọba, àwọn kan bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀: David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, di Mojola Agbebi. Ọkọ̀ tó ń gbé obì, orógbó, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì láti Èkó lọ sí Bàhíà ń gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Ní 1910, Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo Bàhíà mọ̀ sí Ìyá Aninha, dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀. Gurunsi ni àwọn òbí rẹ̀, láti àríwá ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ilé Nàgó ló ti gba òrìṣà. Òun àti Martiniano jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, ní àárín àwọn ọdún 1930 ni wọ́n sì fi àwọn ọkùnrin méjìlá joyè Ọba Ṣàngó nínú ilé náà, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Nígbà tí wọ́n ṣe àpérò kejì lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ní Bùràsíìlì, ní Salvador ní 1937, Martiniano kọ bébà kan lórí àwọn oyè yìí, ó sì ṣàlàyé pé ìṣe àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n gbé dìde padà.

Kí ọmọ Yorùbá wá ka orúkọ àwọn oyè náà. Abíọ́dún wà níbẹ̀, Kakaǹfò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Oníkòyí, Olúgbọ́n, Arẹ̀sà àti Ọ̀nàṣokùn. Kò sí èyí tó ṣàjèjì sí wa, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí wà. Abíọ́dún jẹ́ orúkọ Aláàfin kan. Kakaǹfò jẹ́ olórí ogun. Oníkòyí, Olúgbọ́n àti Arẹ̀sà jẹ́ ọba tó ní ìlú tirẹ̀ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ọ̀nàṣokùn jẹ́ oyè láàárín àwọn ọmọ ọba. Ní Ọ̀yọ́, àwọn wọ̀nyí kì í jókòó pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ kan nínú ilé Ṣàngó. Àwọn Mọ́gbà àti àwọn ẹlẹ́gùn ló ni ibẹ̀. Ẹni tó to orúkọ wọ̀nyí pọ̀ mọ ìtàn ìjọba Ọ̀yọ́ dáadáa, ó sì lò ó láti fi kọ́ ohun tuntun tí ilé rẹ̀ nílò ní àkókò tí àwọn ọlọ́pàá Bàhíà ṣì ń ya wọ ilé òrìṣà: àwọn ọkùnrin tó gbayì níta, tí wọ́n lè gbẹnu sọ fún ilé náà. Lẹ́yìn ìgbà náà, gbajúmọ̀ olórin Dorival Caymmi wá joyè Oníkòyí níbẹ̀.

Èmi kò pe iṣẹ́ Martiniano ní irọ́. Bí ìlú ṣe ń dá oyè sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá náà ni, bí àwa náà ṣe ń ṣe é títí dòní. Àṣìṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó rí Oníkòyí ní Salvador tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrú kan ló gbé e dé. Kí a tó sọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a wá ọdún tí nǹkan náà kọ́kọ́ farahàn nínú àkọsílẹ̀, kí a sì wò bóyá ẹnìkan nínú ilé náà ti rìn lọ sí Èkó ṣáájú ọdún yẹn. Bí ó bá ti rìn, ìjọra nìkan kò tó ẹ̀rí mọ́.

Èyí kò sọ àwọn tó rìn nínú ọkọ̀ ẹrú di ẹni tí kò gbé nǹkan kan wá. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ogun kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lọ sí Bàhíà títí Bùràsíìlì fi fòpin sí òwò náà ní 1850, láìsí wọn kò ní sí ilé òrìṣà tí Martiniano máa padà wá bá. Orin, oúnjẹ òrìṣà àti ìlù wà níbẹ̀ kí a tó bí i. Àwọn Jèjé, ìyẹn àwọn tó wá láti agbègbè Dàhómì, àti àwọn ará Àǹgólà náà ti ń bọ ohun tiwọn kí Nàgó tó pọ̀ níbẹ̀.

Ààlà kan wà tí mi ò kọjá nínú bébà náà. Ìwé ìrìnnà Bàhíà máa ń kọ orúkọ ìrìbọmi, ó sì máa ń pe ènìyàn ní Nàgó láìsọ bóyá Ẹ̀gbá ni, tàbí Ìjẹ̀ṣà, tàbí ará Ọ̀yọ́. Fún ìdí yìí, mi ò kọ ọ́ pé Kétu ni Ìyá Nàsó lọ ní 1837, bí gbogbo ènìyàn tilẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé fi hàn pé ó kúrò ní Bàhíà lọ sí Áfíríkà. Ìtàn ẹnu ló dárúkọ Kétu, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú bébà náà.