Àwòrán ara ògiri kọ́ ló ń sọ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù di alágídí

Mi ò lè dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Níbi ìpàdé òbí àti tíṣà kan tí mo lọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ní Òṣogbo níbí, tíṣà kan dìde, ó ní kí wọ́n yọ gbogbo káàdì alátòtẹ̀lé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri fún ọmọ tó ní ọ́tísíìmù nínú kíláàsì ẹ̀, pé tí èèyàn bá ń fi àwòrán han irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé èyí ló kàn, tọ̀hún ló tún tẹ̀ lé e, kò ní lè gba àyípadà láyé ẹ̀ mọ́. Ó ní ohun tó dáa ni ká máa da ètò rú mọ́ ọn lójú lójoojúmọ́ kó lè mọ́ ọn lára. Àwọn òbí ń mi orí. Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní "òótọ́ lànńtí ń sọ o". Inú bí mi gan-an, torí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ nìyẹn, àwọn ọmọ ló sì ń jìyà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó lágbára jù. Lọ́dún 1943, dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner, tó ń ṣiṣẹ́ ní Baltimore nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa àwọn ọmọ 11 kan tó ti yẹ̀ wò. Nínú ohun tó rí lára wọn ni pé wọn ò fẹ́ kí nǹkan yí padà rárá: tí èèyàn bá sún àga kúrò níbi tó wà, tàbí kó ṣe nǹkan ojoojúmọ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń rí, ayé ọmọ dàrú nìyẹn. Ta ló fi káàdì kọ́ wọn? Kò sẹ́nì kankan. Ètò tí wọ́n ń pè ní TEACCH, èyí tí Eric Schopler àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé kalẹ̀ ní yunifásítì North Carolina, tó sọ fífi àwòrán to ọjọ́ lẹ́sẹẹsẹ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ọdún 1972 ni ìpínlẹ̀ yẹn tó gbà á wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún láàárín méjèèjì. Àìfẹ́ àyípadà ti wà lára àwọn ọmọ yìí kí ẹnikẹ́ni tó lẹ àwòrán mọ́ ògiri nítorí wọn, báwo ni àwòrán ṣe wá di ẹni tó fà á?

Ohun tí àwọn èèyàn ò rí nìyí. Ọmọ tí ò mọ ohun tó kàn kì í jókòó lásán, òun fúnra ẹ̀ ló máa ṣe ètò tiẹ̀: bẹ́ǹṣì kan náà, kọ́ọ̀pù kan náà, ẹnu ọ̀nà kan náà, ẹni kan náà kó máa di ọwọ́ òun mú lọ sí ibi asẹ́ḿbílì. Inú orí ẹ̀ lètò yẹn wà, ìwọ tíṣà ò lè rí i, o ò sì lè fọwọ́ kan nǹkankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wà lára ògiri, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń wò ó, ibẹ̀ lo ti lè yọ nǹkankan kúrò kí o sì fi òmíràn sí i kó máa wò ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ò ràn án lọ́wọ́ bí ẹ ṣe rò, torí nínú kíláàsì tí ọmọ pọ̀ sí, tó o bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ó ti fò lọ, àmọ́ àwòrán á dúró síbẹ̀ kó lè padà wá wò ó.

Ọmọ kan wà nínú kíláàsì mi ní pámárì tuu, mo máa pè é ní Àjàní níbí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọmọ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ìṣòro ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ṣíṣe, torí ó mọ ìṣirò ju ọ̀pọ̀ wọn lọ, ibi tí iṣẹ́ kan ti ń parí tí òmíràn ń bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà wà. Tí mo bá ti ní "ó yá, ẹ kó ìwé ìṣirò sílẹ̀", á wọ abẹ́ tábìlì, á di etí ẹ̀ méjèèjì, á máa kígbe.

Kí n tó ṣe káàdì kankan, mo kọ́kọ́ wò ó bóyá fọ́tò tiẹ̀ yé e. Mo to fọ́tò kọ́ọ̀pù ẹ̀, pẹ́ńsù ẹ̀ àti bọ́ọ̀lù sórí tábìlì, mo wá ń fún un ní ojúlówó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbé e sórí èyí tó bá a mu. Ó gbé e síbi tó yẹ. Ká ní kò lè ṣe é ni, kì í ṣe fọ́tò la máa lò, ojúlówó nǹkan la máa so mọ́ páálí, ṣíbí fún oúnjẹ, pẹ́ńsù fún ìwé kíkọ. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń fo ibí yìí, wọ́n á wá ní ọmọ ò gbọ́n.

Fóònù mi ni mo fi ya fọ́tò: pápá tá a ti ń ṣe asẹ́ḿbílì, ìwé ìṣirò ẹ̀ gan-gan, abẹ́ igi tí wọ́n ti ń jẹun ní bírèèkì. Àwọn àwòrán òyìnbó tí wọ́n ń tẹ̀ jáde látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọmọ aláwọ̀ funfun tó ń wọ bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè, kò sọ nǹkankan fún ọmọ Òṣogbo. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Fìà, wọ́n bá mi fi ọ̀rá bò ó, mo lẹ fẹ́líkírò mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lára sàńdáàlì ọmọdé. Mo wá tò ó sára páálí látòkè wálẹ̀ ní ibi tí ojú ẹ̀ bá a dọ́gba, mẹ́rin péré ni mo fi bẹ̀rẹ̀, láti asẹ́ḿbílì títí dé bírèèkì. Mo lẹ ẹ́ńfilọ́ọ̀pù kan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ fún èyí tó bá ti parí.

Bí a ṣe kọ́ ọ nìyí. Tí iṣẹ́ kan bá ti parí, mo máa fi káàdì kékeré kan lé e lọ́wọ́ tó túmọ̀ sí pé kó lọ wo páálí ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa dúró sí, kì í ṣe iwájú, màá rọra fọwọ́ ti ìgúnpá ẹ̀ débẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á yọ èyí tó ti parí, á sọ ọ́ sínú ẹ́ńfilọ́ọ̀pù, á wo èyí tó kàn, á lọ síbẹ̀. Ẹnu mi á sì dákẹ́. Ẹ gbọ́ o, ẹnu tó dákẹ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí tó o bá ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà, ohùn ẹ ni ọmọ á máa dúró dè, kò ní wo páálí. Díẹ̀díẹ̀ lo máa yọ ọwọ́ ẹ kúrò. O máa mọ̀ pé ó ti wọ̀ ọ́ lára tó bá dìde lọ wò ó fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ìgbà yẹn layípadà tó wọlé, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ tíṣà yẹn ti wó lulẹ̀. Mo ṣe káàdì kan tó jẹ́ onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè, ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ni pé nǹkan yàtọ̀ síbí. Èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan tó fẹ́ràn: èmi àtiẹ̀ jọ lọ síbi páálí láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo yọ ìwé kíkọ, mo fi onígun mẹ́ta síbẹ̀ àti bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn. A ṣe irú ẹ̀ láwọn ọjọ́ mìíràn, àwọn tó dùn mọ́ ọn nìkan, kí ojú ẹ̀ lè kọ́kọ́ bá káàdì yẹn rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn la wá bọ́ sórí èyí tí ò dùn tí ò sì korò, bíi ká ka ìwé níta dípò inú kíláàsì. Ìgbà tó yá lèyí tó le dé, òjò ń rọ̀, kò sí bírèèkì lábẹ́ igi. Mo mú un lọ síbi páálí kí aago tó lù, a fi onígun mẹ́ta bo fọ́tò igi, a fi fọ́tò kíláàsì síbẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ fọ́tò igi yẹn, ó tún fọwọ́ tọ́ ojú fèrèsé níbi tí òjò ti ń rọ̀, ó jókòó, ó jẹun ẹ̀. Ọmọ tó máa ń wọ abẹ́ tábìlì nìyẹn o.

Àwọn tó ní àwọn ti gbìyànjú ẹ̀ tọ́mọ sì tún le sí i, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: ṣé òótọ́ ni páálí yẹn ń sọ? Torí mo ti rí tíṣà tó gbé àwòrán yíyà síbẹ̀, tó wá fi àsìkò yẹn máàkì ìdánwò kó ní kí gbogbo kíláàsì kó orí sórí tábìlì. Páálí ti purọ́ fún ọmọ nìyẹn, kí ló dé tó máa tún gbà á gbọ́ lọ́la? Òmíràn á yọ fọ́tò bírèèkì kúrò láti fi jẹ ọmọ níyà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, onígun mẹ́ta di ohun ẹ̀rù, wọ́n á ní àwòrán ló bà á jẹ́.

Ti pé ó máa dá yàtọ̀ láàárín àwọn yòókù, ìyẹn ò le. Gbé ńlá kan síwájú bọ́ọ̀dù fún gbogbo kíláàsì, kọ ọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú àwòrán, kí ọmọ kan máa tò ó láàárọ̀, kí àlejò láti mínísírì náà ní onígun mẹ́ta tiẹ̀ lórí ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tí ò ní ọ́tísíìmù ló máa ń sáré lọ wò ó jù.

Lóòótọ́, àwọn ìwádìí tó wà lórí ẹ̀, ọmọ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ kan sì wà tí àyípadà á ṣì máa pa lẹ́kún pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Ìyẹn ò sọ dída ètò rú di ẹ̀kọ́.

Tọ́mọ bá wá ti ń ṣe dáadáa, ẹ má sáré yọ ọ́ o. Ọwọ́ tíṣà là ń yọ, kì í ṣe ètò. Fọ́tò lè di ọ̀rọ̀ kíkọ, páálí lè di ìwé kékeré tó máa wà nínú àpò ṣòkòtò ẹ̀, tó máa mú lọ sí pámárì tiríì. Tíṣà tó máa gbà á níbẹ̀, ẹ fún un ní onígun mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ kó tó gbà á, kó sì so ọ̀kan mọ́ ọrùn ara ẹ̀ nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà láìròtẹ́lẹ̀.