Kìlómítà ojú fóònù kọ́ ni ọkọ̀ rìn

Àbúrò mi kan tó fẹ́ ra ọkọ̀ tí yóò fi máa ṣiṣẹ́ áàpù tí èrò fi ń pe ọkọ̀ ló tún dé lánàá. Ó na fóònù sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iye tí dírẹ́bà yìí gbé relé." Àwòrán àkópọ̀ ìrìn ọjọ́ kan ni. Àbúrò mi ti yọ kọmíṣọ̀n áàpù kúrò nínú àpapọ̀ owó, ó ti yọ owó epo tí kìlómítà ojú àwòrán lè jẹ, ó sì ní ìyókù lèrè. Báyìí ni gbogbo èèyàn ń ṣe é, ó sì ti sú mi. Wọ́n mọ ìyọkúrò dáadáa. Kìlómítà tí wọ́n fi ń ṣe é ni kò pé.

Kìlómítà tí wọ́n ń kọ sídìí ìrìn máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èrò bá ti wọkọ̀, ó sì ń parí síbi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà tí dírẹ́bà gbà lọ gbé e kò sí níbẹ̀. Bó bá gbé èrò lọ sí ibi jíjìn tí kò rí ẹni gbé bọ̀, ìpadàbọ̀ òfìfo yẹn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó pè é tó sì fagi lé e nígbà tó kù díẹ̀ kó dé, ìyẹn náà kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ epo ní gbogbo àkókò wọ̀nyí.

Mo ṣe iṣẹ́ yìí ju ọdún méjì lọ. Ìwé pélébé kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà mi, tí mo ń kọ nọ́ńbà ojú mítà sí kí n tó kúrò nílé láàárọ̀, tí mo sì tún ń kọ ọ́ nígbà tí mo bá páàkì lálẹ́. Ẹ wo ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Àárọ̀, 48,210. Alẹ́, 48,436. Kìlómítà 226 ni ọkọ̀ rìn. Áàpù ní mo gbé èrò 14, mo sì rin 126. Kìlómítà 100 ni mo rìn lófìfo.

Ẹ jẹ́ ká fi epo ka owó, kí gbogbo wa lè jọ ṣe é. Gbogbo owó tí èrò san lọ́jọ́ náà tó ra epo lítà 80. Kọmíṣọ̀n jẹ́ 25 nínú 100, ìyẹn lítà 20, ó ku 60. Ọkọ̀ mi ń fi lítà kan rin kìlómítà 10. Bí àbúrò mi bá ṣe é, 126 yóò jẹ lítà 12.6, yóò sì ní lítà 47.4 ló kù fún mi. Ṣùgbọ́n 226 ni mo rìn, lítà 22.6 ló jẹ, 37.4 ni mo gbé relé. Lítà 10 ló fi lé èrè mi, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó rò pé mo pa.

Lítà kan fún kìlómítà 10 yẹn, n kò mú un látinú ìwé ọkọ̀. Mo rọ epo kún táńkì títí ọ̀pá tí wọ́n fi ń rọ epo fi dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀, mo ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo tún padà lọ rọ epo kún un níbì kan náà, mo wá fi iye lítà tó gbà pín kìlómítà tí mo rìn. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ àti éésì tí mo tàn sílẹ̀ de èrò ti wà nínú rẹ̀.

Wọ́n á ní dírẹ́bà lè dúró sójú kan kí iṣẹ́ wá bá a. Iṣẹ́ ń wá bá a lóòótọ́, èrò kì í wá. Òun ni yóò wakọ̀ lọ bá èrò. Mo gbà pé níbi tí èrò bá ti pọ̀ tí wọ́n sì sún mọ́ra, òfìfo máa ń dín kù. Mo ti rí ọjọ́ tí òfìfo kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìrìn mi. Àmọ́ àwòrán yẹn kò lè sọ irú ọjọ́ tó jẹ́.

Kọmíṣọ̀n náà ní tirẹ̀. Nọ́ńbà ńlá tó wà lókè àwòrán lè jẹ́ owó tí áàpù ti gba tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ṣí ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ wo iye tí èrò san àti iye tó kan dírẹ́bà. Bí àpapọ̀ èyí tó kan dírẹ́bà bá bá nọ́ńbà ńlá náà mu, wọ́n ti yọ ọ́. Bí ẹ bá tún yọ ọ́, ẹ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Bí èrò bá sì fún dírẹ́bà lówó lọ́wọ́, kọmíṣọ̀n áàpù ṣì wà nínú owó tó wà lápò rẹ̀. Ó di gbèsè lójú áàpù, wọn yóò sì gbà á.

Mo ní kí àbúrò mi padà lọ bá dírẹ́bà náà, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó ya ojú mítà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, kó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ti áàpù. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ti áàpù nìkan ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.