LQR kì í báni yan ohun tó dáa jù, ẹni tó kọ Q àti R ló yàn án

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ ṣáá lẹ́nu àwọn àbúrò wa tó ń ṣe róbò ní Àjàṣẹ́ níbí, àwọn ti Kétu náà ń sọ ọ́. Wọ́n á ní ẹni tó bá ń fọwọ́ ara ẹ̀ yan ibi tí pólù máa wà, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bóyá róbò á dúró tàbí á ṣubú àti bó ṣe máa yára tó, ṣe ló ń méfò, àmọ́ tó o bá ti lo LQR, ìyẹn ọ̀nà tó o fi ń kọ bí ìtẹ̀sí ṣe wọ́n tó sínú Q, tó o sì ń kọ bí lílo mótò ṣe wọ́n tó sínú R, ìṣirò ti bá ẹ wá èyí tó dáa jù lọ nìyẹn, kò tún sí àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ "ọptimáàlì" tó wà níbẹ̀ ló fà á. Mo fẹ́ fi róbò kan ṣoṣo ṣàlàyé ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ máa ń fi róbò tó ń gbọ̀n rìrì sílẹ̀, wọ́n á ní mótò ló bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú róbò ẹlẹ́sẹ̀ méjì, èyí tó ń dá dúró lórí táyà méjì péré, ó dà bí ìgbà tí ọmọdé bá gbé igi dúró sórí àtẹ́lẹwọ́. Ká gbà pé gbogbo ìwúwo ẹ̀ kó jọ sí ojú kan tó fi sẹ̀ǹtímítà 39 ga ju áàsì táyà lọ. Tẹ́ ẹ bá pín 9.81 sí 0.39, ó tó nǹkan bíi 25, ibẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ti wá nínú èyí:

```
θ'' = 25θ + u
u = -k1·θ - k2·θ'
```

θ ni bó ṣe tẹ̀ sí, ní rádíánì. u ni ohun tí mótò ń ṣe, ìyẹn bí táyà ṣe ń yára sí i, tá a pín sí 0.39. Mótò méjèèjì ń gba àṣẹ kan náà, ẹ jẹ́ ká kà wọ́n sí ọ̀kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ibi tí táyà wà lórí ilẹ̀ sílẹ̀, kọ́rọ̀ má bàa gùn, tẹ́ ẹ bá máa ṣe é lóòótọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi í kún un, torí láìsí i róbò á dúró ṣánṣán àmọ́ á máa rìn lọ títí táá fi kọ lu ògiri.

Tẹ́ ò bá ṣe nǹkan kan sí i, pólù ẹ̀ wà ní +5 àti -5, +5 yẹn ló ń gbé e ṣubú. Tẹ́ ẹ bá wá fi k1 àti k2 sí i, ohun tó máa pinnu pólù tuntun ni `s² + k2·s + (k1 - 25)`. Ìyẹn ni pé k1 gbọ́dọ̀ ju 25 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ róbò ò ní lè dúró, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi nọ́ńbà 25 yìí sọ́kàn.

Ẹ wo kóòdù MATLAB kékeré yìí, k1 àti k2 pa pọ̀ ni à ń pè ní K:

```
A = [0 1; 25 0];  B = [0; 1];
K1 = acker(A, B, [-50 -50])
K2 = lqr(A, B, diag([6249375 4950]), 1)
```

Mo lo `acker` dípò `place` torí pé `place` kì í gbà kí pólù méjì wà lójú kan náà nígbà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo la fi ń dárí. Ẹni tó kọ ìlà kejì fọwọ́ ara ẹ̀ yan -50 méjì, wọ́n á ní ó ń méfò. Ẹni tó kọ ìlà kẹta lo LQR, wọ́n á ní ọptimáàlì ni tiẹ̀. Àwọn méjèèjì jáde sí `2525` àti `100`, ohun kan náà gẹ́lẹ́. Kò sì lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, torí tó bá ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo la fi ń dárí, pólù tẹ́ ẹ bá yàn ní K kan péré tó bá a mu. Iṣẹ́ tí Q àti R ń ṣe ni pé wọ́n ń gbé pólù lọ síbì kan, ẹ kàn ń yàn án láti ẹ̀yìn ilé ni. Ọptimáàlì ni lóòótọ́, àmọ́ lójú Q àti R tẹ́ ẹ kọ ni, ta ló wá sọ fún yín pé 6249375 ló yẹ kẹ́ ẹ kọ?

Àmọ́ n ò fẹ́ ká fò sódì kejì ká ní LQR ò wúlò, torí ohun kan wà tó ń ṣe tó ṣe pàtàkì gan-an, òun sì ni àwọn tó ń yìn ín kì í sọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan fẹ́ kí róbò ẹ̀ rọra máa ṣe, kí mótò má ṣe wàhálà, ló bá gbé pólù méjèèjì sí -1. K ẹ̀ á jẹ́ 26 àti 2. Lórí kọ̀ǹpútà ó rí rèǹtè-rente, ó ń padà bọ̀ sípò jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ wá gbé e sórí ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí bátìrì lọ sílẹ̀ díẹ̀ débi pé agbára mótò fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, 26 di 23.4 nìyẹn, kò tó 25 mọ́, róbò ti dojú bolẹ̀. Pólù ẹ̀ ò sì burú lójú ẹni tó ń wò ó, òdì apá òsì ni méjèèjì wà.

LQR ò ní fún yín ní K yẹn láéláé, bó ti wù kẹ́ ẹ ṣe Q, tí Q ò bá ṣáà ti ní ohun òdì nínú, tẹ́ ò sì fi N, ìyẹn ìwọ̀n tó so ipò àti àṣẹ pọ̀, sínú `lqr`. Ẹ gbìyànjú ẹ̀, ẹ jẹ́ kí Q kéré gan-an, bíi `diag([1 0])`, ká ní ẹ ò fẹ́ ná mótò rárá. Ohun tó máa fún yín ni `50.02` àti `10.00`, pólù méjèèjì á wà nítòsí -5. Tí Q bá kéré báyìí, ó máa ń gbé pólù tó wà ní +5 lọ sí òdìkejì ẹ̀, bó sì ti wù kí Q rí, kì í gbà kí pólù méjèèjì jọ wà láàárín -5 àti òfo, k1 kì í sì í dín ní 50. Torí ẹ̀ ni agbára mótò fi lè dín kù títí dé ìdajì kí róbò tó ṣubú, ìdajì 50 ni 25. Kalman ló fi hàn ní 1964 pé fídíbáàkì tó bá ti ọ̀nà yìí wá, tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín lúùpù ẹ̀ àti ojú ewu kì í sún mọ́ ju ìwọ̀n kan lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìdajì géènì yẹn àti máájìnì fáàsì, ìyẹn bí lúùpù ṣe lè fà sẹ́yìn tó kí róbò tó ṣubú, tí kì í dín ní dìgírì 60. Fún K tó jẹ́ 50 àti 10 yìí, mo ṣírò ẹ̀, dìgírì 60 gẹ́lẹ́ ló ní.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ gbé pólù sí -5 méjèèjì ti ní ààbò yẹn náà, láì mọ ìṣirò Riccati tí LQR fi ń wá K. Ibi tí pólù wà ló ni ààbò, LQR kàn jẹ́ ẹni tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e síbi tó burú nítorí pé ẹ fẹ́ kó rọra.

Ọ̀fìn wá wà lódìkejì, ibẹ̀ gan-an ni róbò tó ń gbọ̀n ti ń wá. Ẹ padà sí 2525 àti 100. LQR ni, dìgírì 60 rẹ̀ wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi 76 ni. Ẹni tó bá ń fi dìgírì nìkan wò ó á ní èyí lágbára ju ti 50 àti 10 lọ. Ẹ wá bi í léèrè pé bí ohun tó ń wọn ìtẹ̀sí àti mótò bá jọ pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, ìdádúró mélòó ló lè gbà? Èyí tó jẹ́ 50 àti 10 lè gbà tó mílísẹ́kọ́ńdì 120. Èyí tó jẹ́ 2525 àti 100 ò lè gbà ju 13 lọ. Ìdí ni pé lúùpù ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tó yára ju ti ẹnì kejì lọ ní bí ìlọ́po méjìlá, dìgírì kan níbẹ̀ ò wá tó àkókò kankan. Ẹni tó ń ka ìtẹ̀sí lẹ́ẹ̀kan ní mílísẹ́kọ́ńdì 10, tó tún ń fi fíltà dán an, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 13 yẹn tán kí mótò tó mira rárá, róbò á sì máa gbọ̀n. Mótò ò bà jẹ́ o.

Tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ ní dìgírì 2 péré, ìyẹn rádíánì 0.035, K yẹn ní kí táyà yára sí i ní bíi mítà 34 fún sẹ́kọ́ńdì kan lójú sẹ́kọ́ńdì kan, tó ju ìgbà mẹ́ta bí nǹkan ṣe ń já bọ́ látòkè lọ. Mótò wo ló ń ṣe ìyẹn?

Wọ́n á wá ní, ṣebí R wà fún ìyẹn, a ó kàn kọ agbára mótò sí i. Ọ̀nà tí wọ́n máa ń kọ́ wa ni pé kẹ́ ẹ mú ìtẹ̀sí tó pọ̀ jù tẹ́ ẹ lè gbà, kẹ́ ẹ fi ìlọ́po ara ẹ̀ pín 1, òun ni Q, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mótò náà, òun ni R. Ó dáa láti fi bẹ̀rẹ̀, èmi náà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é: ìtẹ̀sí tó pọ̀ jù, dìgírì 5, ìyẹn 0.087, ẹ fi òfo sí ti θ' nínú Q. Mótò ò lè ju mítà 3 lọ fún sẹ́kọ́ńdì kan lójú sẹ́kọ́ńdì kan. Ó máa fún yín ní k1 bíi 117 àti k2 bíi 15.3. Ẹ wá tẹ róbò yẹn ní dìgírì 5 gẹ́lẹ́, kó wà lójú kan, ẹ wo ohun tó máa béèrè lọ́wọ́ mótò: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4. Ẹ kọ 3 sí i, ó béèrè 4. LQR ò mọ̀ pé nǹkan lè tó òpin, ó kàn mọ̀ pé èyí wọ́n ju ìyẹn lọ, ó sì ń fi wọ́n wéra. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ ya àwòrán u fúnra ẹ̀, ẹ má ya θ nìkan, torí θ á rẹwà nígbà tí u ti ré kọjá agbára mótò.

Ibi tí LQR ti fi bẹ́ẹ̀ borí ni nígbà tí ẹnu ọ̀nà ìdarí bá pọ̀. Níbẹ̀, pólù kan náà lè ti ara ọ̀pọ̀ K wá, yíyan pólù ò wá sọ bí mótò ṣe máa pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, àmọ́ R ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ní mótò mẹ́rin tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ yan pólù, iṣẹ́ ló fún ara ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, tó sì ń dùn mí jù torí ojoojúmọ́ ni mo ń rí i: gbogbo ààbò tí mo sọ yìí, ìdajì géènì, dìgírì 60, wọ́n wà nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọn θ àti θ' méjèèjì lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wọn gbogbo ohun tá a fi ń dárí, a máa ń fi fíltà Kalman fojú bu èyí tó kù, a wá ń sọ pé a ní dìgírì 60 torí LQR la lò. Doyle kọ nípa èyí ní 1978, ohun tó fi hàn ni pé tẹ́ ẹ bá ti so fíltà yẹn mọ́ LQR, kò sí ìwọ̀n ààbò kankan tẹ́ ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó wà, ó lè kéré débi tó bá wù ú. Torí náà tí fíltà bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi fíltà náà sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú róbò, ẹ dín géènì kù sí 0.6, ẹ gbé e sókè sí 1.5, ẹ fi mílísẹ́kọ́ńdì 20 kún ìdádúró, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ṣì dúró, bóyá ọwọ́ lẹ fi yan pólù ni o, bóyá LQR ni o.